Ẹ̀yin tí ẹ ń yí orin òyìnbó sí Yorùbá, ẹ yé fowó ṣòfò

Lọ́sẹ̀ tó kọjá àwọn kan tún gbé bébà orin tí wọ́n yí sí Yorùbá wá ká mi mọ́lé níbí l'Ógbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ti sanwó sitúdíò, wọ́n ti ra bíìtì, olórin ti wọkọ̀ láti Ọ̀yọ́ dé, wọ́n wá ní kí n kàn bá àwọn wò ó fìrí. Fìrí kẹ̀? Lórí bébà, kò sóhun tó ṣe Yorùbá náà, àfìgbà tí ọmọ yẹn lanu kọ ọ́. Ó ti sú mi, mo ní kí n kúkú kọ ọ́ síbì kan.

Àkọ́kọ́, ẹ má sanwó sitúdíò kí ẹ tó kọ orin yẹn lẹ́nu láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Fóònù yín tó fún ìyẹn.

Ìkejì, ẹ má gbé e fún ẹni tí kì í kọrin. Ẹ̀gbọ́n yín tó jẹ́ tíṣà Yorùbá mọ èdè o, mi ò bá a jà, ṣùgbọ́n ìwé ló máa kọ fún yín.

Ìkẹta, òun gan-an ló gbé mi dìde: ohùn orí ọ̀rọ̀. Gbogbo wa la kọ dò-re-mí ní jẹ́lé-ó-sinmi, ìsàlẹ̀, àárín, òkè, àmọ́ tí orin òyìnbó bá ti dé, a máa gbàgbé pé ẹnu wa ti ń kọrin tẹ́lẹ̀ kí dùrù tó dé. Lédè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ lè gbé ọ̀rọ̀ kan lọ sókè, ẹ lè jù ú sílẹ̀, ìtumọ̀ ò ní yí. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí nóòtì bá gbà láti orí sílébù kan bọ́ sí èkejì, ibẹ̀ náà ni ohùn gbọ́dọ̀ gbà. Tí orin bá ń lọ sísàlẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yín ń lọ sókè, ọ̀rọ̀ mìíràn làwọn èèyàn máa gbọ́.

Kí ẹ má rò pé mo gbọ́n láti ilé ọmọ. Orin tí mo kọ́kọ́ yí fún ẹgbẹ́ akọrin kan, mo fi "ilé ọ̀run" parí ẹsẹ kọ̀ọ̀kan, orin náà sì ń bọ̀ wálẹ̀ níbẹ̀. A kọ ọ́ tọ̀yàyàtọ̀yàyà, èmi ni mo wà níwájú tí mò ń ju ọwọ́. Nígbà tá a ṣe tán, màmá àgbà kan pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ọrùn ló ń dùn yín ni? Gbogbo yín ṣáà ń pe ọrùn, ọrùn." Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wo ti àwọn tó wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Orin ìgbéyàwó ni. Nóòtì méje ló wà ní ìlà àkọ́kọ́ kọ́ọ̀rọ̀sì, bó ṣe lọ rèé: s m d r m m d, s ló ga jù níbẹ̀, d ló wà nísàlẹ̀ jù. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni "Ìfẹ́ rẹ mú ayọ̀ wá". Ẹ kà á, sílébù méje ló jẹ́ lóòótọ́, ìdí tí wọ́n ṣe rò pé àwọn ti ṣe tán nìyẹn. Ṣùgbọ́n "ìfẹ́" ń gùn òkè lẹ́nu wa, orin sì ń já bọ́ láti s sí m. Kí lẹ máa gbọ́? Ifẹ̀. Ìyàwó ń wo ojú ọkọ, ó ń kọrin Ilé-Ifẹ̀ fún un! Ìparí náà bà jẹ́, "wá" já sísàlẹ̀, ó di "wà".

A jókòó ti ìlà kan yẹn fún bíi wákàtí kan. Mo ní kí wọ́n pa ọ̀rọ̀ tì ná, kí wọ́n kùn orin yẹn nímú, ká wo ibi tó ń gbà: ó bẹ̀rẹ̀ lókè, ó bọ̀ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó gùnkè lẹ́ẹ̀mejì, ó dúró, ó wá já. Òkè, àárín, ìsàlẹ̀, àárín, òkè, òkè, ìsàlẹ̀. M àkọ́kọ́ di àárín torí s ló ṣáájú rẹ̀. A wá ń wá ọ̀rọ̀ tó bá ìrìn yẹn mu, ohun tá a rí ni "Bá mi yọ̀, ayé mi dùn". Ẹni tó bá ń ka bébà á ní "mi" kejì yẹn kò ní àmì, àárín ló wà, kí ló dé tí a gbé e sórí m kẹta? Ẹ sọ ọ́ jáde lẹ́nu yín: "ayé mí dùn" là ń sọ. Tí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ olùwà, ẹnu wa máa ń gbé ìparí rẹ̀ sókè kó tó kan ọ̀rọ̀ ìṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í sábà fàmì sí i. Etí ni kí ẹ gbà gbọ́, kì í ṣe bébà.

Wọ́n ní, "Bùọ̀dá, ìfẹ́ dà?" Ìfẹ́ wà ní ìlà kejì, torí ibẹ̀ lorin ti ń gùnkè láti d sí m: d m r r r m, "ìfẹ́ rẹ ni mo rí". Kò di dandan kí ọ̀rọ̀ wà ní ìlà tí òyìnbó fi í sí.

Ẹ má wá ya wèrè lórí ẹ̀ ṣá. Ẹsẹ kejì á tún lo orin kan náà, kò sì sí bí gbogbo ohùn á ṣe bá a mu délẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ tó lè yí padà ni kí ẹ ṣọ́, ọkọ, ọ̀run, ìfẹ́, ìgbà, owó. Àwọn tó kù, gbólóhùn máa gbà wọ́n là. Ibi tí olórin bá ti mí, orin lè fò bó ṣe wù ú, etí á bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Tí sílébù kan bá sì ní nóòtì méjì tó gùnkè, ohùn òkè tó tẹ̀lé ti ìsàlẹ̀ ni kí ẹ fi síbẹ̀, bó ṣe máa ń fà lẹ́nu náà nìyẹn.

Ìkẹrin… àbí ìkarùn-ún, ẹ fi sílẹ̀. "Mo ń bọ̀" sílébù mẹ́ta ni o! "Ń" yẹn fẹ́ nóòtì tiẹ̀. Ọ̀pọ̀ orin tó ń kọsẹ̀ lórí bíìtì, òun ló fà á. Tí àyè bá sì há, ẹ pa fáwẹ̀lì pọ̀ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀: "fẹ́ owó" mẹ́ta, "fẹ́wó" méjì.

Ráìmù náà ń kó yín sí wàhálà lásán. Fáwẹ̀lì ló ń parí gbogbo ọ̀rọ̀ wa, ráìmù ò wọ́n, kò sì dùn tó bẹ́ẹ̀ létí wa. Mo rí ẹnì kan tó fi "ata" parí orin ìfẹ́ torí ó ṣáà fẹ́ kó bá "wa" mu. Ẹ jẹ́ kí ìlà kan parí nísàlẹ̀, kí èkejì parí lókè, bíi "dùn" àti "rí" tiwa lókè yẹn. Ẹ tẹ́tí sí àwọn tó ń kéwì, ẹ máa gbọ́ ọ.

Orin tó ṣì ní olówó, ẹ gbàṣẹ kí ẹ tó yí i. Òfin kọpiráìtì wa ti 2022 fún ẹni tó ni orin ní ẹ̀tọ́ ìtumọ̀, ó sì ń lọ títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó ṣẹ̀dá orin náà.

Àwọn yẹn ń padà bọ̀ ní Sátidé pẹ̀lú ẹsẹ kejì. Mo ti ní kí wọ́n mú onídùndún kan dání, kó fi ìlù sọ ìlà kọ̀ọ̀kan kí olórin tó kọ ọ́, kí wọ́n sì mú ẹnì kan wá tí kò fojú kan bébà yẹn rí. Òun ló máa sọ ohun tó gbọ́ fún wa. Owó sitúdíò tàkọ́kọ́ ti lọ, wọn ò dá a padà fún wọn.