Kóbáàlì tó kọ̀ láti di búlúù: ìbéèrè àti ìdáhùn fún tíṣà kẹ́mísìrì

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, okun o. Ẹ̀bá Ìyàrá ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ SS2. Mo po kóbáàlì kíloráìdì gíráàmù 2 mọ́ 100 cm³ omi, mo gbé e sínú omi gbígbóná. Píńkì ló wà títí. Ìwé sì ní yóò di búlúù. Ṣé oògùn ọ̀hún ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Okun, tíṣà wa. Oògùn kò bàjẹ́, kíloráìdì ni kò tó. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú bíkà yín nìyí:

```
[Co(H2O)6]2+ + 4Cl-  ⇌  [CoCl4]2- + 6H2O
```

Ti apá òsì ni píńkì, ti apá ọ̀tún ni búlúù. Àwọn méjèèjì ń yí padà di ara wọn láìdúró. Ohun tí à ń pè ní ìdọ́gba ni pé bí píńkì ṣe ń yára di búlúù náà ni búlúù ń yára padà di píńkì. Kò túmọ̀ sí pé wọ́n pọ̀ bákan náà. Kóbáàlì kan ń wá kíloráìdì 4 kó tó di búlúù, iyọ̀ yín sì gbé 2 péré wá, omi rẹpẹtẹ wá yí wọn ká. Kíloráìdì tó wà nínú áásìdì haidirokílóríìkì líle, bó ṣe wà nínú ìgò, ki ju ti bíkà yín lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 70. Níbi tí kíloráìdì bá ti ṣọ̀wọ́n báyẹn, búlúù kéré débi pé bí ooru tilẹ̀ sọ ọ́ di ìlọ́po mélòó kan, ojú kò ní í rí i.

Ẹ bu 10 cm³ nínú omi píńkì yẹn. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ máa kán áásìdì líle sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa rò ó. Áásìdì là ń dà sínú omi o, a kì í da omi sínú áásìdì. Ó máa pẹ́ kí ẹ tó rí nǹkan kan, ẹ má bínú. Nígbà tí áásìdì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó omi náà, tàbí tó lé díẹ̀, á ṣàdédé di elésè àlùkò. Ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ dúró sí.

Iye 4 yẹn ló fà á tó fi ń dé lójijì. Bí kíloráìdì bá di ìlọ́po 2, ìwọ̀n búlúù sí píńkì kì í di ìlọ́po 2. Ìlọ́po 16 ló ń sún mọ́, torí 2 × 2 × 2 × 2 ni. Elésè àlùkò ni ibi tí píńkì àti búlúù ti pọ̀ tó kí ojú rí méjèèjì, níbẹ̀ sì ni ooru díẹ̀ tàbí òtútù díẹ̀ ti ń hàn. Ẹ pín in sí tẹ́ẹ̀sì túùbù 3: ẹ gbé ọ̀kan sínú omi tó gbóná tó 80°C, ọ̀kan sínú yìnyín, kí ẹ̀kẹta wà lórí tábìlì fún àfiwé.

Ìbéèrè: Ó ṣiṣẹ́! Inú omi gbígbóná ó di búlúù, inú yìnyín ó di píńkì. Ṣùgbọ́n ọmọ kan ní, "Tíṣà, ṣebí ooru ń mú kí gbogbo nǹkan yára ni? Kí ló dé tí apá kan fi wá borí?" Mi ò rí èsì fún un.

Ìdáhùn: Ọmọ yẹn mọ ohun tó ń sọ. Ooru ń mú kí méjèèjì yára lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe bákan náà. Bí píńkì bá fẹ́ di búlúù, ó ń gba ooru mọ́ra. Bí búlúù bá ń padà, ó ń tú ooru yẹn sílẹ̀. Apá tó ń gba ooru ni ooru ń ràn lọ́wọ́ jù. Fún ìgbà díẹ̀, búlúù tó ń jáde ju èyí tó ń padà lọ, ó sì ń pọ̀ sí i. Bó ṣe ń pọ̀ sí i náà ni èyí tó ń padà ń pọ̀, títí wọ́n á fi tún bá ara wọn dọ́gba, ṣùgbọ́n níbòmíràn, níbi tí búlúù ti pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Lọ́dún 1884 ni Le Chatelier ará Faransé sọ pé ohun tó wà ní ìdọ́gba máa ń yí sí apá tí yóò dín ìyípadà tí a ṣe sí i kù. Ó wúlò láti fi mọ apá tí nǹkan máa yí sí. Kò sọ ìdí, torí náà ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ kàn máa kà á bí oríkì.

Ìbéèrè: Nínú ìdánwò, ẹnì kan kọ ọ́ pé nígbà tá a fi áásìdì kún un tó di búlúù, K, iye tí à ń ṣírò láti inú ìwọ̀n àwọn nǹkan tó wà ní ìdọ́gba, ti pọ̀ sí i. Mo fún un ní máàkì. Tíṣà tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní kí n gbà á padà.

Ìdáhùn: Ẹ gbà á padà. Bí ooru kò bá yí padà, K kì í yí padà. Kíloráìdì tó wọlé ló jẹ́ kí búlúù pọ̀, kí ìṣirò náà lè padà bọ́ sí iye K àtijọ́. Ìyípadà náà kò sì lo gbogbo kíloráìdì tẹ́ ẹ fi kún un tán. Ooru tàbí òtútù nìkan ló ń yí K fúnra rẹ̀ padà.

Ohun kan lè da àlàyé yìí rú níbi iṣẹ́: áásìdì líle máa ń móoru nígbà tó bá ń po mọ́ omi. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí túùbù tutù bí àyíká kí ẹ tó sọ pé kíloráìdì ló mú búlúù wá. Bákan náà, èyí tẹ́ ẹ pò ní òwúrọ̀ lè túbọ̀ sún mọ́ búlúù nígbà tí oòrùn ọ̀sán oṣù Ẹrẹ́nà bá mú. Ẹni kankan kò fọwọ́ kàn án. Ẹ fi ìdérí dé e, torí gáàsì áásìdì ń jáde lára rẹ̀, ìyẹn á sì máa fà á padà sí píńkì.

Ìbéèrè: Mo da sílífà náítíréètì 0.05 M sí èyí tó ti di búlúù. Ohun funfun rọ̀ sílẹ̀, omi di píńkì. Mo sọ fún wọn pé sílífà ti kó kíloráìdì lọ. Mo tọ̀nà, àbí?

Ìdáhùn: Ohun funfun yẹn, sílífà kíloráìdì ni lóòótọ́, àmọ́ omi ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yẹn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí kíloráìdì inú túùbù bá jẹ́ nǹkan bí 6 M, tí ẹ sì ní 5 cm³, mílímóòlù 30 ni. Sílífà tó wà nínú 1 cm³ ti 0.05 M kò ju mílímóòlù 0.05 lọ, ìyẹn ìdá kan nínú 600. Kò lè mú ọ̀pọ̀lọpọ̀ kíloráìdì. Omi tó bá a wọlé ló po kíloráìdì yòókù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ìlọ́po 16 yẹn sì tún ń ṣiṣẹ́ lódìkejì.

Ẹ dán an wò: ẹ da omi lásán tó jẹ́ iye kan náà sí túùbù mìíràn. Bí òun náà bá di píńkì, ẹ ti mọ ẹni tó ṣe é. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó jẹ́ sílífà nìkan, ẹ da èérún rẹ̀ gbígbẹ, nǹkan bí ìdajì gíráàmù, sí 1 cm³. Ó máa kó nǹkan bí ìdajì kíloráìdì lọ láìsí omi kankan, kí ẹ sì jẹ́ kó tutù kí ẹ tó wò ó. Ṣùgbọ́n ó wọ́n, àfiwé omi lásán yẹn ló bá àpò ilé ìwé mu. Lẹ́yìn rẹ̀, kóbáàlì ń ṣe ara àti omi ìlú ní ìpalára, nítorí náà ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú ìgò tẹ́ ẹ kọ orúkọ sí, kí ẹ má dà á sí gọ́tà.