Bí òbí tó ń dá tọ́mọ ṣe lè mọ iye tó yẹ kí owó pàjáwìrì rẹ̀ jẹ́

Ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ fún ẹni tó bá béèrè ni pé kó tọ́jú ìnáwó oṣù 3 sí 6. Kò burú fún ilé tí àgbà méjì ti ń ṣiṣẹ́, torí bí iṣẹ́ ọ̀kan bá bọ́, owó èkejì ṣì ń wọlé. Àmọ́ nílé tí ẹnì kan ṣoṣo ti ń wá owó, tó tún jẹ́ pé òun náà ló ń tọ́jú ọmọ, nǹkan méjì ló máa ń ṣẹlẹ̀ pa pọ̀ bí àìsàn bá dé: owó á dáwọ́ dúró, ìnáwó á sì tún ga sí i, nítorí ẹni tó wà lórí ibùsùn ò lè lọ mú ọmọ wálé láti iléèwé. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi í kàn mú 3 tàbí 6 fún irú ilé bẹ́ẹ̀. Ṣe la máa ń ṣírò rẹ̀.

Ìwé kan àti pẹ́ńsù ti tó. Mi ò kí ń lo bírò, torí ẹ máa pa nǹkan rẹ́ dáadáa. Ẹ gba àkọsílẹ̀ owó tó wọlé àti èyí tó jáde ní báńkì fún oṣù 3 tó kọjá, kí ẹ sì kọ ìnáwó yín sílẹ̀ ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Ẹ má fi orí rántí rẹ̀. Owó tí èèyàn rántí pé òun ná kì í tó èyí tó ná.

Ìṣirò ìyá kan tí mo bá jókòó ni màá fi ṣàpẹẹrẹ. Ọmọ méjì ló ní, ọ̀kan jẹ́ ọdún 9, èkejì jẹ́ ọdún 4. Torí pé owó ìlú kan ò jọ ti ìkejì, ẹ jẹ́ ká pe owó oṣù rẹ̀ ní 100. Ilé ń gba 30, oúnjẹ 22, iná, omi àti fóònù 7, ọkọ̀ 8. Obìnrin tó ń bá a mójú tó ọmọ kékeré ń gba 12. Owó iléèwé ẹ̀gbọ́n, tó pín sí oṣù 12, jẹ́ 6. Oògùn ikọ́ fée tí ọmọ kékeré ń lò jẹ́ 3. Aṣọ, ìgbádùn àti nǹkan wẹ́wẹ́ ń kó 6, ó sì ń fi 6 tó kù pa mọ́.

Ibi tó kàn yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ṣe, torí náà ẹ fara balẹ̀ níbẹ̀. A fẹ́ mọ iye tí ilé yín máa ná lóṣù tí iṣẹ́ bá ti lọ, tí ẹ sì ń ṣọ́wó ná. Oṣù ìṣọ́wóná ni mo ń pè é. Owó oṣù yín kọ́, ìnáwó yín ti ìsinsìnyí náà sì kọ́.

Nígbà tí ìyá yìí kọ́kọ́ ṣe tiẹ̀, 58 ló kọ. Ó fi ilé, iná àti owó iléèwé sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, ó gé oúnjẹ sí 15, ó sì fagi lé ọkọ̀, oògùn àti owó obìnrin tó ń mójú tó ọmọ pátápátá. Àlàyé tó ṣe ni pé tóun ò bá níṣẹ́, òun á jókòó ti ọmọ òun nílé.

Gbogbo ẹni tí mo ti bá ṣe é ló máa ń kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní kó pe obìnrin náà lórí fóònù níbi tá a jókòó sí, kó bi í léèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tóun bá dáwọ́ owó dúró fún oṣù 4. Obìnrin náà ò fi bò: ó lóun á fi àyè ọmọ náà fún ẹlòmíì láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àmọ́ tó bá ń san ìdajì, òun á bá a dì í mú, òun á sì máa gba ọmọ ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Ọjọ́ méjì yẹn ló máa fi lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Bí kò bá sí ẹni tó máa gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n bá pè é síṣẹ́ pàápàá, kò ní lè lọ. Bí 6 ṣe padà sínú ìwé nìyẹn.

Ọkọ̀ náà kì í di òfo. Ó máa dín kù gan-an torí kò sí ibi iṣẹ́ láti lọ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n iléèwé àti ilé ìwòsàn ṣì wà níbẹ̀, a wá kọ 3. Oògùn 3 padà sáyè ẹ̀, torí ikọ́ fée ò mọ̀ pé iṣẹ́ ti bọ́. Oúnjẹ, mo ní kó gbé e sí 19. Ẹni tó bá gé e sí 15 lórí ìwé máa padà ná 19 náà ni, torí àwọn ọmọ á máa jẹun lọ́sàn-án nílé tí ìsinmi bá dé. Ẹ wá kà á: ilé 30, oúnjẹ 19, iná, omi àti fóònù 7, ọkọ̀ 3, àyè ọmọ 6, iléèwé 6, oògùn 3. Ó jẹ́ 74. Ìyàtọ̀ 16 láàárín 58 àti 74 lè dà bí ohun kékeré, àmọ́ tá a bá sọ ọ́ di oṣù 6, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó oṣù rẹ̀ kan.

Ọ̀rọ̀ owó tí òbí kejì ń fi ránṣẹ́: òfo ni kí ẹ kọ, kódà bó bá ń wá déédéé. Lóṣù tó bá wá, ẹ dà á sínú owó pàjáwìrì. Bó bá ti wọ inú ìṣirò, ọjọ́ tí kò bá wá ni pàjáwìrì kejì máa dé lórí àkọ́kọ́.

Ẹ má lọ síwájú láìdán iye yẹn wò. Ẹ fi oṣù kan gidi gbé lórí rẹ̀, bí ẹni pé iṣẹ́ ti lọ, àyàfi ọkọ̀ ibi iṣẹ́ àti owó kíkún tí ẹ ṣì ń san fún ẹni tó ń mójú tó ọmọ. Bó bá ku ọ̀sẹ̀ kan kóṣù parí tí owó ti tán, ìwé yín ló purọ́, kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ò lè kó ara yín níjàánu. Ẹ pa á rẹ́, kí ẹ kọ èyí tó ṣẹlẹ̀.

Iye oṣù ló kàn. Ẹ bi èèyàn 3 tó ń ṣe irú iṣẹ́ yín, tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn rí, bó ṣe pẹ́ tó kí wọ́n tó rí òmíràn. Wọ́n dá ìyá yìí lóhùn pé oṣù 2, oṣù 3, oṣù 4. Èyí tó gùn jù ni mo máa ń mú. Ẹ fi oṣù 1 kún un, torí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lónìí sábà máa ń ṣe odindi oṣù kan kó tó gbowó. Mo tún fi oṣù 1 sí i fún ẹni tí kò lè gba iṣẹ́ alẹ́ tàbí ti òpin ọ̀sẹ̀ nítorí ọmọ, torí iṣẹ́ tó lè yàn nínú rẹ̀ kéré sí ti àwọn yòókù. Ó di oṣù 6. 6 lọ́nà 74 jẹ́ 444. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ ara yín lẹ ń ṣe, ẹ wo àkọsílẹ̀ ọdún 2 sẹ́yìn, kí ẹ wá ìgbà tó gùn jù tí owó tó ń wọlé kò fi tó oṣù ìṣọ́wóná, kí ẹ sì fi oṣù 2 kún un.

Lẹ́yìn náà, ẹ yọ ohun tó dájú kúrò. Ohun tó wà nínú ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí nìkan ló dájú. Nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ ìyá yìí, wọ́n kọ ọ́ pé bí wọ́n bá dá a dúró, wọ́n á san owó oṣù 1 fún un. A yọ 100, ó ku 344. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti sọ pé òun ò ní jẹ́ kí ebi pa wọ́n, mo sì gbà pé òótọ́ inú ẹ̀ ló sọ, àmọ́ a ò yọ nǹkan kan nítorí ẹ̀. Níbi tí ìjọba bá ń sanwó fún ẹni tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ wádìí ọ̀sẹ̀ tó ń bẹ̀rẹ̀ àti bóyá ẹni tó bá fúnra rẹ̀ fiṣẹ́ sílẹ̀ ń gbà á, kí ẹ tó yọ ọ́.

Ó wá ku ohun méjì tí àwọn tó ń sọ oṣù 3 sí 6 kì í kà. Ọ̀kan ni owó ẹni tó máa dúró ti àwọn ọmọ, tòru-tọ̀sán, bí ẹ bá wà nílé ìwòsàn. Ọjọ́ 14 ni mo máa ń ṣírò. Ẹ béèrè iye rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó máa ṣe é gan-an, ẹ má fojú díwọ̀n ọn. Tìyá yìí jẹ́ 15. Ìkejì ni nǹkan kan tó tóbi jù tó lè bà jẹ́ nílé, tí ẹ ò lè fara dà á fún ọ̀sẹ̀ kan, tàbí iye tí owó ìtọ́jú ìlera máa kù sí yín lọ́rùn lẹ́yìn tí ìbánigbófò bá san tiwọn. Ẹ mú èyí tó bá ga jù nínú méjèèjì. Tiẹ̀ jẹ́ 40. 344, 15 àti 40 jẹ́ 399. A kọ 400, a sì fi ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Lórí 6 tó ń pa mọ́ lóṣù, ó máa gbà á ju ọdún 5 lọ kó tó dé 400. Torí náà ni mo fi máa ń pín in. 55 ni àkọ́kọ́, ìyẹn 15 ti ẹni tó máa dúró ti àwọn ọmọ àti 40 ti ohun tó lè bà jẹ́ tàbí ìtọ́jú ìlera, torí ìwọ̀nyí ló máa ń ṣẹlẹ̀ jù. Ó máa tó o lóṣù kẹwàá. Oṣù ìṣọ́wóná kan, 74, ló tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ń jẹ gbèsè elélé gọbọi, kó dúró síbẹ̀ ná, kó kọjú sí gbèsè, torí èlé yẹn á máa jẹ ohun tó ń kó jọ. Kó wá padà sídìí ìyókù tí gbèsè bá tán.

Oṣù 6-6 ni mo máa ń tún un ṣe, àti nígbà tí nǹkan bá yí padà lára ọmọ. Nígbà tí ọmọ kékeré yẹn bẹ̀rẹ̀ iléèwé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, owó tí wọ́n fi ń di àyè mú bọ́ sí 2, oṣù ìṣọ́wóná wá di 70, àpapọ̀ sì wálẹ̀ sí 375.

Ohun kan tí mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni fò: ta ló máa lè fọwọ́ kan owó yìí bí ẹ ò bá lè sọ̀rọ̀? Nílé àgbà méjì, ẹnì kejì wà níbẹ̀. Ìyá yìí ya 15 yẹn sọ́tọ̀ sínú àkáǹtì kékeré tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jọ ni, kó lè jẹ́ pé ìyẹn nìkan lọwọ́ ẹ̀gbọ́n náà tó. Nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n yẹn wà nínú àpò ìwé àwọn ọmọ méjèèjì, ọmọ ọdún 9 náà sì mọ̀ ọ́n sórí.