Bí mo ṣe kọ ìwé ìkọ́ṣẹ́ fún àwọn pọ́tà tuntun: láti orí bẹ́ẹ̀dì dé orí àga oníkẹ̀kẹ́

Ilé ìwòsàn kan ní agbègbè Kàbbà ni mo kọ ìwé náà fún. Pọ́tà ni ẹni tó ń gbé aláìsàn láti ibì kan sí ibòmíràn nínú ilé ìwòsàn. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń wá ṣe iṣẹ́ yìí lọ́dọ̀ wa kò ju ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ. Wọ́n lè ka Yorùbá, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń kà á, tí gbólóhùn bá sì ti gùn jù, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ á ti kúrò lọ́kàn wọn kí wọ́n tó dé ìparí. Ìwé náà ní orí bíi mélòó kan, àmọ́ ẹyọ kan ni mo fẹ́ tú palẹ̀ níhìn-ín: bí a ṣe ń gbé aláìsàn kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì sórí àga oníkẹ̀kẹ́, tí a sì ń tì í lọ síbi tí wọ́n ti ń ya àwòrán egungun. Ibẹ̀ ni aláìsàn ti lè ṣubú, ibẹ̀ náà ni ẹ̀yìn pọ́tà ti lè bàjẹ́.

N kò kọ́kọ́ mú bírò. Ẹ̀gbẹ́ pọ́tà tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni mo dúró sí, ohun tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣe ni mo sì ń kọ sílẹ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ dáadáa kì í rántí sọ ohun tó ti mọ́ ọn lára. Tí ẹ bá bi í, yóò ní, “Mo gbé e sórí àga, mo tì í lọ.” Ṣùgbọ́n kó tó gbé e, ó ti fi ẹsẹ̀ ti sílípáàsì kúrò nílẹ̀, ó ti ká ibi ìgbẹ́sẹ̀lé àga náà sókè, ó ti wo ibi tí àpò tí ìtọ̀ aláìsàn ń dà sí wà. Àwọn ohun tí kò sọ yìí gan-an ni ẹni tuntun kò mọ̀. Lẹ́yìn èyí ni mo gbé àkọsílẹ̀ náà fún nọ́ọ̀sì àgbà, kó yọ èyí tí kò bá ìlànà mu kúrò, kó sì fi èyí tó kù sí i.

Ìlànà tí mo fi kọ ọ́ kò pọ̀. Gbólóhùn kan, iṣẹ́ kan. Ohun tí ọwọ́ máa kọ́kọ́ ṣe ni ojú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kà. Ẹ wo gbólóhùn yìí, irú èyí tó wọ́pọ̀ nínú ìwé òfin iṣẹ́: “Kí a gbé aláìsàn sórí àga lẹ́yìn tí a bá ti rí i dájú pé bíréèkì méjèèjì ti mú.” Kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kàwé díẹ̀díẹ̀ yóò ti kà á pé “gbé aláìsàn”, ọwọ́ rẹ̀ á sì ti wà lára aláìsàn kó tó ka bíréèkì. Bí ó ṣe wà nínú ìwé wa nìyí:

Ti bíréèkì kan.
Ti bíréèkì kejì.
Fi ọwọ́ ti àga náà díẹ̀. Tí ó bá yí, bíréèkì kò mú. Má lo àga yẹn.

Ìlà kẹta ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo orí náà. Bíréèkì àga wa kò jọra. Èyí tí a ń tì síwájú wà, èyí tí a ń fà sẹ́yìn náà wà, tí táyà bá sì ti jẹ tán, irin bíréèkì lè lọ títí kó má mú nǹkan kan. Nítorí náà n kò kọ apá ibi tí irin náà gbọ́dọ̀ kọjú sí. Ohun tí pọ́tà lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ dán wò ni mo kọ.

Ìbéèrè kan ló wà ní òkè ojú ìwé náà, tí pọ́tà máa bi nọ́ọ̀sì kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun: “Ṣé aláìsàn yìí lè fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀?” Tí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ojú ìwé yìí kò wà fún aláìsàn náà. Kí pọ́tà ṣí èyí tó wà fún sítírẹ́ṣà. Tí mo bá fi ìbéèrè yìí sí àárín, á ti bẹ̀rẹ̀ kó tó rí i.

Lẹ́yìn ìyẹn ni orúkọ, mo sì fún un láyè púpọ̀. Ní ilẹ̀ Òkun, níbi tí Kàbbà wà, orúkọ ọmọ ni a fi ń pe àgbà. Ìyá Ọlú lè pé méjì nínú wọ́ọ̀dù kan, kí orúkọ tó wà nínú fáìlì àwọn méjèèjì má sì ní Ọlú nínú rárá. Tí pọ́tà bá dúró lẹ́nu ọ̀nà tó béèrè pé, “Ṣé ẹ̀yin ni Ìyá Ọlú?”, aláìsàn tí ara ń ro, tí etí rẹ̀ kò já geere, yóò ní bẹ́ẹ̀ ni, wọn á sì ya àwòrán egungun ẹlòmíràn. Nítorí náà ohun tí pọ́tà máa sọ ni mo kọ sílẹ̀ bí yóò ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀: “Òkun o, mà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni orúkọ yín bó ṣe wà nínú káàdì?” Aláìsàn ni kó dá orúkọ náà sọ. Pọ́tà kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún un. Lẹ́yìn náà, kó gbé ìwé tí dókítà kọ sí ẹ̀gbẹ́ fáìlì, kó fi ìka tọ nọ́ńbà káàdì lọ́kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tí ìwé kíkà kò rọ̀ lọ́rùn pàápàá lè ṣe èyí láìṣìṣe. Tí nọ́ńbà kan bá yàtọ̀, kó dúró kó pe nọ́ọ̀sì. Bákan náà ni tí aláìsàn kò bá lè sọ̀rọ̀.

Wàyí o, gbígbé gan-an. Ẹ jẹ́ ká mú bàbá àgbàlagbà kan tí apá àti ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò lágbára lẹ́yìn àrùn rọpárọsẹ̀. Àga gbọ́dọ̀ wà ní ìhà tó lágbára, ìyẹn ọ̀tún, kó sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì, kó sì dà gẹ̀rẹ́ díẹ̀ sí i. Ọ̀tún àti òsì fa wàhálà nínú ìwé. Pọ́tà tó kọjú sí aláìsàn yóò lo ọ̀tún ti ara rẹ̀. Mo wá yọ ọ̀rọ̀ méjèèjì kúrò, mo sì kọ ọ́ báyìí: “Bi nọ́ọ̀sì pé: ẹsẹ̀ wo ló lágbára? Fi ọwọ́ kan ẹsẹ̀ náà. Ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ yẹn ni kí o gbé àga sí.” Lẹ́yìn bíréèkì, ó kan kíká ibi ìgbẹ́sẹ̀lé sókè. Ìdí wà lábẹ́ rẹ̀ nínú ìwé: tí aláìsàn bá tẹ̀ ẹ́ bó ṣe fẹ́ jókòó, àga á dojú dé pẹ̀lú rẹ̀. N kì í kọ ìdí sí gbogbo ìlà, àfi èyí tí ènìyàn lè rò pé òun lè fò.

Kí bàbá náà jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì fún ìṣẹ́jú méjì, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀. Ẹni tó ti dùbúlẹ̀ pẹ́, òòyì lè kọ́ ọ tó bá dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá ń làágùn, tó ní ojú ń yí òun, kí pọ́tà dá a dùbúlẹ̀ padà kó pe nọ́ọ̀sì. Tí kò bá sí èyí, pọ́tà á dúró níwájú rẹ̀, á tẹ orúnkún ara rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yìn, á fi orúnkún kan ti orúnkún aláìsàn tí kò lágbára kó má bàa yẹ̀. Ìbàdí ni yóò dì mú. Kò gbọdọ̀ fa apá, kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ há abíyá, nítorí èjìká tí rọpárọsẹ̀ ti mú lè yẹ̀ wẹ́rẹ́. Wọ́n á dìde, wọ́n á yí díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí aláìsàn bá fi ẹ̀yìn ẹsẹ̀ kan àga, á na ọwọ́ tó lágbára dì í mú, á sì jókòó.

Tí ó bá ní àpò ìtọ̀, ìsàlẹ̀ àga ni kí a gbé e kọ́, kó rẹlẹ̀ ju ìkùn lọ, kó má sì kan ilẹ̀. Tó bá ga, ìtọ̀ á ṣàn padà sínú ara. Omi tí wọ́n ń fà sí i lára ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ga ju apá lọ. Kí pọ́tà wò ó pé rọ́bà kankan kò há sí táyà. Títú rọ́bà tàbí títì í kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀nà wa lọ síbi àwòrán ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kọnkéré tó bo gọ́tà sì ní àlàfo. Tí a bá ń sọ̀ kalẹ̀, pọ́tà á yí padà, á máa fi ẹ̀yìn rìn, kí táyà ńlá ṣáájú. Bí aláìsàn bá kọjú sí ìsàlẹ̀, á yọ̀ kúrò lórí àga. Níbi àlàfo gọ́tà, táyà kékeré iwájú ló máa ń há, nítorí náà fífi ẹ̀yìn kọjá ló dára níbẹ̀ pẹ̀lú.

Fún àwòrán, mo ya ọ̀kan sí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, pọ́tà kan náà, aláìsàn kan náà, aṣọ kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí aṣọ bá yí padà, òǹkàwé á rò pé ẹlòmíràn ni. Gbogbo ara ènìyàn ni mo yà, kì í ṣe ọwọ́ tí a gé kúrò lára. N kò ya àṣìṣe kankan kí n wá fi àmì àgbélébùú pupa sí i, nítorí ẹni tó kàn fi ojú gbà á lè ṣe ohun tó rí nínú àwòrán, àwọn mìíràn sì ń ka àmì náà sí “ibí yìí ni”. Lẹ́tà náà tóbi, kí a lè fi tọ́ọ̀ṣì kà á lóru tí iná bá lọ.

Ìdánwò ló kù. Mo fún ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ náà rí ní ojú ìwé yìí, ẹnì kan tí ara rẹ̀ le sì dùbúlẹ̀ bí aláìsàn. Mo dákẹ́. N kò bi í pé ṣé ó yé e, nítorí ọmọ tí a tọ́ dáadáa kò ní sọ fún àgbà pé kò yé òun. “Fi hàn mí” ni mo sọ. Ibi tó bá ti dúró, ibi tó bá ti wo ojú mi, ibi tó bá ti fo ìlà, ni mo fi bírò sàmì sí. Ìlà tó fihàn jù ni “Ka ení, èjì, ẹ̀ta, kí ẹ sì dìde.” Aláìsàn dìde ní ẹ̀ta, pọ́tà ń dúró kí ẹ̀ta parí. Báyìí ló ṣe wà nísinsìnyí: “Sọ fún aláìsàn: Tí mo bá ní ‘ó yá’, ẹ jẹ́ ká dìde.” Lẹ́yìn tí a yí i padà, ẹlòmíràn tí kò tíì rí i rí ni mo gbé e fún. Ẹni àkọ́kọ́ ti mọ̀ ọ́n, kò lè dán an wò mọ́.

A ti fi ọ̀rá bo ojú ìwé náà kí a lè máa nù ún, a sì so ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan mọ́ ẹ̀yìn àga oníkẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan, níbi tí ojú ẹni tó ń tì í máa ń wò.