Lẹ́tà tí mo kọ síbi iṣẹ́ mi àtijọ́ láti bá wọn ṣe iṣẹ́ àdáṣe, àti ohun tójú mi rí

Ìpè fóònù ló bí mi nínú tí mo fi kọ lẹ́tà yìí. Iṣẹ́ àkáǹtì ni mo ń ṣe níbẹ̀, mo sì fi ibẹ̀ sílẹ̀ nírọ̀rùn, mo kọ̀wé pé mo ń lọ, mo dá kọ̀ǹpútà wọn padà, mo kọ bí gbogbo iṣẹ́ ṣe ń lọ sílẹ̀ fún ẹni tó gba ipò mi, síbẹ̀ tí oṣù bá ti ń parí báyìí, fóònù mi á bẹ̀rẹ̀ sí í dún. "Àǹtí mi, ẹ má bínú o, owó tó wà nínú ìwé báńkì ò bá tiwa mu, ibo lẹ máa ń kọ́kọ́ wò?" Màá ní kó wo ṣẹ́ẹ̀kì tí a ti kọ tí báńkì ò tíì san, màá ní kó wo owó tí báńkì yọ tí ẹnikẹ́ni ò kọ sílẹ̀, màá ní kó wò ó bóyá wọ́n kọ owó kan lẹ́ẹ̀mejì, ká tó rí i, ilẹ̀ ti ṣú. Kí wá lèrè mi? "Ẹ ṣé gan-an, Àǹtí." Iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó oṣù fún mi lé lórí tẹ́lẹ̀ ni mo wá ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, tí iṣẹ́ àwọn kọ́sítọ́mà tèmi sì ń dúró dè mí.

Mi ò bá ọmọ náà jà, kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀, iṣẹ́ yẹn pọ̀ fún ẹnì kan lóòótọ́. Mo kàn sọ fún un pé màá kọ̀wé sí ọ̀gá, pé kó jẹ́ kí n fi ìyẹn ṣáájú ná.

Kí n tó kọ ohunkóhun, mo wá ìwé àdéhùn tí mo fọwọ́ sí nígbà tí wọ́n gbà mí síṣẹ́ jáde. Ẹ̀yin náà ẹ ka tiyín. Ibi méjì ni kẹ́ ẹ wò dáadáa: ibi tó sọ nípa àṣírí ilé-iṣẹ́, àti ibi tó sọ pé o ò gbọ́dọ̀ bá àwọn kọ́sítọ́mà wọn ṣiṣẹ́ láàárín àsìkò kan. Tèmi ò dí mi lọ́wọ́ láti bá àwọn fúnra wọn ṣiṣẹ́.

Lẹ́tà fúnra ẹ̀ ò gùn, ojú ìwé kan péré ni. Ẹni tí mo kọ ọ́ sí ni ọ̀gá tó ń darí ẹ̀ka ìṣúná, torí òun ni ọ̀rọ̀ náà ń dun, tí ìwé oṣù bá pẹ́, òun làwọn tó wà lókè máa bi. Mo mú iṣẹ́ kan ṣoṣo, mo sì dárúkọ ẹ̀ gbọnmọ-gbọnmọ. Bí mo ṣe kọ àárín ẹ̀ nìyí:

"Ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo fẹ́ fi iṣẹ́ àdáṣe kan lọ̀ yín. Lóṣooṣù, màá fi ìwé báńkì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wé ìwé ilé-iṣẹ́, màá wá ìdí gbogbo ìyàtọ̀ tó bá wà níbẹ̀, màá sì fi àlàyé ẹ̀ ránṣẹ́ sí yín kó tó di ọjọ́ karùn-ún oṣù tuntun. Wákàtí 12 ni mo yà sọ́tọ̀ fún un lóṣù kan. Kíkọ ìnáwó ojoojúmọ́, lílé àwọn tó jẹ ilé-iṣẹ́ lówó àti lílọ sí mítìnì ò sí níbẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni mo dá a lábàá pé ká fi dán an wò, ẹnikẹ́ni nínú wa sì lè dá a dúró tó bá ti sọ fún ẹnì kejì ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú."

Lábẹ́ ẹ̀ ni mo kọ iye tí mò ń gbà fún wákàtí kan sí, àti pé ìparí oṣù ni màá máa fi ìwé owó ránṣẹ́, kí wọ́n san án láàárín ọjọ́ 14. Gbólóhùn tó ń sọ ohun tí kò sí nínú iṣẹ́ yẹn, ẹ má yọ ọ́ o. Ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́ rí gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ máa rò pé gbogbo ohun tó o máa ń ṣe nígbà yẹn náà lo ṣì fẹ́ ṣe. Mo tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n ṣí àyè fún mi lórí ẹ̀rọ tiwọn pẹ̀lú orúkọ tèmi, ibi tí mo ti lè wo nǹkan àmọ́ tí mi ò lè san owó jáde, torí mi ò fẹ́ kí fáìlì ilé-iṣẹ́ kankan máa gbé lórí kọ̀ǹpútà mi. Tí owó bá sọnù lọ́la, kò sẹ́ni tó máa nawọ́ sí mi.

Lẹ́tà tó dáa ni, mo ṣì máa ń kà á tínú mi ń dùn. Ẹ wá gbọ́ ohun tí wọ́n fi ṣe.

Ọ̀gá kà á, ó ní ó wu òun, ló bá fi í ránṣẹ́ sáwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Wọn ò fèsì, ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, oṣù tún parí, ọmọ yẹn tún pè mí tẹkún-tẹkún. Nígbà tí wọ́n máa fèsì, wọ́n ní àwọn ti rí ìwé tí mo fi ń bẹ̀bẹ̀ láti padà sẹ́nu iṣẹ́, kí n kọ fọ́ọ̀mù, kí n mú ẹ̀rí ilé-ìwé wá, kí n mú oníduròó méjì wá. Oníduròó! Fún ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí fáìlì mi wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù wọn! Ta ló bẹ̀bẹ̀? Iṣẹ́ ni mo fi lọ̀ yín, mi ò tọrọ ẹ̀.

Mo fi sùúrù kọ̀wé padà pé iṣẹ́ àdáṣe ni, pé mi ò wá ipò kankan. Èyí tí wọ́n wá gbé dé lẹ́yìn ìyẹn ló wá bí mi nínú jù. Wọ́n ní àwọn gbà, àmọ́ kí n máa wá sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ Tuesday àti Thursday láti aago mẹ́sàn-án, àwọn á pín owó oṣù mi àtijọ́ sí wákàtí, iye tó bá sì jẹ́ ni wọ́n máa san, kò sí owó ìsinmi, kò sí owó ìfẹ̀yìntì, kò sí owó ìtọ́jú tára mi ò bá yá. Ìyẹn ni pé wọ́n fẹ́ máa pàṣẹ fún mi bí òṣìṣẹ́, kí wọ́n sì máa sanwó fún mi bí àlejò. Kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé kì í ṣe ìyà mi nìkan ló wà níbẹ̀. Lọ́pọ̀ orílẹ̀-èdè, tí ilé-iṣẹ́ bá ń yan àkókò fún ọ, tó ń sọ ibi tó o máa jókòó sí àti bó o ṣe máa ṣe é, òfin lè kà ọ́ sí òṣìṣẹ́ wọn láìka ohun tẹ́ ẹ pè é nínú ìwé sí, owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì tí wọn ò san sì lè wá di gbèsè sí wọn lọ́rùn.

Ọ̀rọ̀ pípín owó oṣù sí wákàtí yìí, ẹ jẹ́ ká jókòó tì í díẹ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Ká ní wákàtí 40 lò ń ṣe lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 52 ló wà lọ́dún, wákàtí 2080 nìyẹn, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n sì ń sanwó ẹ̀ fún ọ, títí kan ọjọ́ tó o wà nínú ìsinmi. Ká ní owó ọdún rẹ náà jẹ́ 2080 kó lè rọrùn láti ṣírò, wákàtí kan di 1. Tó o bá wá ń dá ṣiṣẹ́, yọ ọ̀sẹ̀ márùn-ún fún ìsinmi àti àìsàn, ó ku 1880. Nínú ìyẹn, wíwá iṣẹ́, kíkọ ìwé owó, lílé owó kiri àti fífèsì lẹ́tà máa jẹ bí ìdá mẹ́ta kan, kò sì sẹ́ni tó ń sanwó ìyẹn. Nǹkan bíi 1250 lo máa rí tà. Kó o tó rí 2080 nínú wákàtí 1250, wákàtí kan gbọ́dọ̀ tó 1.66, o ò sì tíì ra kọ̀ǹpútà, o ò tíì ra dátà, o ò tíì fi nǹkan kan pa mọ́ fún ọjọ́ ogbó. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ìlọ́po méjì owó wákàtí àtijọ́ ni mo kọ sínú lẹ́tà mi, kì í ṣe ojúkòkòrò rárá.

Mo rí i pé àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ò ní yéé dà mí láàmú, ni mo bá padà sọ́dọ̀ ọ̀gá tààrà. Mi ò rojọ́ ìyà. Ohun tí mo bi í ni pé èló làwọn ayẹ̀wé-owó-wò tó máa ń wá lọ́dọọdún ń gbà kún owó wọn tí wọ́n bá bá ìwé báńkì tẹ́nikẹ́ni ò tíì fi wé ti ilé-iṣẹ́? Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ìwọ lo máa ń dá wọn lóhùn tẹ́lẹ̀, èmi ni mò ń dá wọn lóhùn báyìí." Mo ní kó san owó wákàtí 12 mi látinú owó tó ń san fáwọn oníṣẹ́ ìta, bó ṣe ń san ti ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, kó yéé wò ó bí owó oṣù. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ mi sára àwọn tí ilé-iṣẹ́ ń ra iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, kò sí oníduròó, kò sí fọ́ọ̀mù òṣìṣẹ́, iye tí mo kọ ni wọ́n sì fọwọ́ sí.

Tó bá jẹ́ òní ni mo fẹ́ kọ ọ́, orí lẹ́tà ni màá ti kọ ọ́ pé "kì í ṣe ìwé ìwáṣẹ́", màá sì bẹ ọ̀gá kó fi í ránṣẹ́ sáwọn tó ń rí sí ọjà rírà dípò àwọn tó ń rí sí òṣìṣẹ́. Màá sì tètè béèrè nọ́ńbà ìwé àṣẹ tí wọ́n fi ń ra iṣẹ́, torí ìwé owó mi àkọ́kọ́ há sọ́dọ̀ wọn nítorí pé nọ́ńbà yẹn ò sí lórí ẹ̀. Báyìí, mi ò kì í fọwọ́ kan ìwé báńkì oṣù kankan tí wọn ò bá tíì fi nọ́ńbà ẹ̀ ránṣẹ́, ọmọ yẹn náà ti mọ̀, òun gan-an ló máa ń bá mi rán wọn létí.