Bí ẹ bá ń kọ ìwé àdéhùn oṣooṣù fún oníbàárà

Ẹ̀yin tí ẹ ń bá èèyàn bójú tó Facebook àti Instagram, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ "a ó máa bójú tó ìkànnì yín" sínú ìwé tí ẹ ń fi ránṣẹ́. Gbólóhùn yẹn ò lópin. Ohun tó ṣeé kà ni kí ẹ kọ: àtẹ̀jáde 12 lóṣù, àtúnṣe ẹ̀ẹ̀mejì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìdáhùn sí àwọn tó kọ̀wé láti Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́ Ẹtì, àti àbọ̀ iṣẹ́ kan níparí oṣù.

Wákàtí ni kí ẹ fi ṣírò owó. Tí àtẹ̀jáde kan bá ń gba wákàtí kan àtààbọ̀, 12 yóò gba wákàtí 18. Ìdáhùn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́ fún ọjọ́ iṣẹ́ 22 jẹ́ wákàtí 11. Ẹ fi 3 kún un fún ìpàdé àti àbọ̀, ó di 32. Ẹ fi iye tí ẹ ń gbà fún wákàtí kan sọ ọ́ di púpọ̀. Àpapọ̀ owó nìkan ni kí oníbàárà rí o, kó má baà máa yọ wákàtí kọ̀ọ̀kan.

Lábẹ́ rẹ̀, ẹ to ohun tó lówó tirẹ̀, kí iye wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan: àtúnṣe kẹta, fídíò yíyà, ìdáhùn lópin ọ̀sẹ̀. Owó ìpolówó ńkọ́? Káàdì oníbàárà gan-an ni kó máa san án tààrà. Tó bá gba ọwọ́ yín kọjá, láìpẹ́ yóò máa kà á mọ́ owó iṣẹ́ yín.

Ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú pé àtẹ̀jáde tí oníbàárà ò fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ lásìkò kì í sún sí oṣù tó ń bọ̀.