Bí mo ṣe há wákàtí tuntun ṣọ́ọ̀bù sínú àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣoṣo

Ìkéde náà kò ju lẹ́tà 160 lọ, síbẹ̀ ẹ̀rọ ń ka àtẹ̀jíṣẹ́ mẹ́ta sí mi lọ́rùn fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan. Àmì Yorùbá ló fà á. Àtẹ̀jíṣẹ́ lásán máa ń gba 160, ṣùgbọ́n bí ẹ, ọ tàbí ṣ kan péré bá wọ inú rẹ̀, gbogbo ẹ̀ á já sí 70. Tó bá ju ìyẹn lọ, wọ́n á gé e sí 67-67. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé à, è, é, ì, ò àti ù kì í fa wàhálà. Irú á àti ọ́ ló ń fà á. Ọ́ tiẹ̀ tún jẹ́ méjì, torí wọ́n ń ka àmì orí rẹ̀ lọ́tọ̀.

Mi ò fẹ́ bọ́ àmì kúrò, ọ̀rọ̀ ni mo gé. «Ẹ̀yin oníbàárà wa, a fẹ́ fi tó yín létí pé» nìkan ti jẹ 42, mo yọ ọ́. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù náà lọ, ó ṣáà ń hàn níbi orúkọ ẹni tó fi í ránṣẹ́. «Aago mẹ́jọ» di 8. Àmọ́ mi ò fọwọ́ kan àárọ̀ àti alẹ́, bẹ́ẹ̀ ni mi ò yọ déètì, kí ẹnikẹ́ni má baà béèrè Mọ́ńdè wo:

```
Láti Mọ́ńdè 3/11, a ó máa ṣí 8 àárọ̀ sí 7 alẹ́. Sọ́ńdè, a kì í ṣí.
```

66 ni. Ó wọlé ní ẹyọ kan.