Funfun ara ewé àgbàdo: àmìwọ́ọ̀mù ni àbí ajílẹ̀ ni kò tó?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbin àgbàdo sí ilẹ̀ yanrìn nítòsí Ẹ̀pẹ́, ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí. Funfun wà lára ewé rẹ̀, àwọn mìíràn sì ti lu. Ẹni tí oko wa jọ pààlà sọ pé ajílẹ̀ ni kò tó. Fọ́tò ewé náà rèé, mo yà á nítòsí gan-an. Kí lẹ rí síbẹ̀?

Ìdáhùn: Àmìwọ́ọ̀mù ni, kòkòrò tó ń jẹ ewé àgbàdo. Ẹ fẹ fọ́tò náà, kí ẹ wo ibi tó funfun dáadáa. Ẹran ewé ti tán níbẹ̀, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló kù, ìmọ́lẹ̀ sì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnu rẹ̀ kò tíì lágbára tó láti jẹ ewé já, ó kàn ń ha ojú kan, á sì fi awọ ojú kejì sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹni tí ẹ jọ pààlà yẹn kò ṣàì nídìí, torí pé síńkì, ọ̀kan lára oúnjẹ tí àgbàdo ń rí nínú ilẹ̀, kì í pọ̀ nínú ilẹ̀ yanrìn, tí kò bá sì tó, ewé á funfun. Ṣùgbọ́n funfun ti síńkì máa ń gùn gbọọrọ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì egungun àárín ewé, láti ìdí ewé lọ sókè, ewé á sì nípọn síbẹ̀ bó ṣe yẹ kó nípọn. Tiyín yìí wà káàkiri láìtò, ó sì ti fẹ́lẹ́. Bí ó bá ń ṣe yín bí iyèméjì, ẹ gbé ewé náà kọjú sí oòrùn, kí ẹ tún un yà láti ẹ̀yìn. Ibi tí kòkòrò ha á á mọ́lẹ̀ yàtọ̀.

Ní ti àwọn ihò, ẹ wo bí wọ́n ṣe tò ní ìbú ewé. Ìgbà tí ewé ṣì ká jọ nínú ọ̀mùnú ni kòkòrò ti jẹ ẹ́ já; ìgbà tí ewé wá tú ni ihò kan di mẹ́rin, márùn-ún. Síbẹ̀ a kì í fi ihò nìkan dá a mọ̀, nítorí kòkòrò tó ń wọ inú igi àgbàdo náà máa ń lu irú rẹ̀. Tata ní tirẹ̀, etí ewé ló ti ń jẹ wọlé, kì í sì í da ìgbẹ́ sínú ọ̀mùnú. Nítorí náà, fọ́tò tí a tún nílò ni èyí tí ẹ bá yà láti òkè, tó wo inú ọ̀mùnú tààrà. Bí ìgbẹ́ bá wà níbẹ̀ tó tutù, tó sì dàbí lẹ́búlẹ́bú pákó, kòkòrò ṣì wà nínú ilé.

Ìbéèrè: Mo la ọ̀mùnú méjì, ìgbẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n mi ò rí kòkòrò. Ṣé ó ti lọ ni?

Ìdáhùn: Tí ìgbẹ́ bá tutù, kò tíì lọ. Tí oòrùn bá ti mú, ìsàlẹ̀ ọ̀mùnú ló máa ń sá sí, ẹ lọ ní kùtùkùtù tàbí ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ fa igi kan tu, kí ẹ máa bó ewé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí dé àárín. Kòkòrò ńlá kan ṣoṣo ni ẹ sábà máa rí, torí wọ́n ń jẹ ara wọn. Bí ìgbẹ́ bá ti gbẹ, tí ewé tuntun sì mọ́ tónítóní, ó ṣeé ṣe kó ti wọ inú ilẹ̀ lọ paradà di labalábá òru.

Tí ẹ bá rí i, ẹ gbé e lé bébà funfun, kí ẹ má tan iná fóònù, nítorí iná á mú ara rẹ̀ dán, àmì á sì pòórá. Ẹ ya orí rẹ̀ àti ìdí rẹ̀. Lójú rẹ̀, ìlà kan wà bí Y tí a dorí rẹ̀ kodò. Lẹ́bàá ìdí, tóótòòtó dúdú mẹ́rin dúró ní igun mẹ́rin. Àwọn tóótòòtó yìí ni kẹ́ ẹ gbójú lé jù, nítorí lára kòkòrò kékeré, Y náà kì í tíì hàn.

Ìbéèrè: Ṣé kí n fín oògùn ní gbogbo oko?

Ìdáhùn: Ẹ kà á ná. Ẹ yan ibi márùn-ún káàkiri oko, kí ẹ wo igi ogún níbi kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ka kìkì èyí tí jíjẹ rẹ̀ ṣì tuntun. Nínú ọgọ́rùn-ún yẹn, bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ péré, ẹ fọwọ́ ṣa wọ́n. Bí ó bá tó ogún sókè, ó yẹ kí ẹ fín in. Oògùn tó ní ẹmamẹ́kítìnì nínú máa ń ṣiṣẹ́ sí i. Ìwọ̀n tó wà lára ìgò ni kí ẹ tẹ̀lé.

Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ fín in, nígbà tí kòkòrò ń gòkè bọ̀ wá jẹun, kí ẹnu ẹ̀rọ sì dojú kọ inú ọ̀mùnú gan-an. Fínfín sí òkè ewé kì í dé ibi tó wà. Kòkòrò tó ti dàgbà á ti fi ìgbẹ́ dí ẹnu ọ̀mùnú, oògùn kò ní ráyè wọlé. Ìdí nìyí tí funfun tí ẹ rí yìí fi ṣe pàtàkì: ó ń sọ pé wọ́n ṣì kéré. Tí ojú ọ̀run bá ṣú, ẹ dúró kí òjò kọjá, kó má baà fọ̀ ọ́ dànù.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ni kí ẹ yà. Ihò àtijọ́ kò ní dí, nítorí náà ẹ má fi wọ́n díwọ̀n bóyá oògùn ṣiṣẹ́. Igi tí ewé àárín rẹ̀ bá ti rọ, tó sì fà yọ wẹ́rẹ́, ọ̀mùnú rẹ̀ ti kú. Ẹ má fi oògùn ṣòfò sí i.